Ẹ Máa Sùn Lábẹ́ Àwọ̀n

Abala ẹ́tíìsì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń ṣe ìwádìí máa ń fi sílẹ̀ títí di alẹ́ ọjọ́ tí ìwé gbọ́dọ̀ wọlé. A ó ti kọ ìdí tí iṣẹ́ náà fi pọn dandan, a ó ti ṣírò iye èèyàn tí a máa bi ní ìbéèrè, a ó ti to ìnáwó títí dórí owó omi inú ọ̀rá, ká tó wá rántí pé ìgbìmọ̀ kan wà tó máa béèrè bí a ò ṣe ní pa ọmọ ọlọ́mọ lára. Tèmi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti àwọn yòókù, torí pé àwọn kan nínú àwọn ọmọ tí mo fẹ́ lọ bá ti ń pa ara wọn lára kí n tó débẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ iléèwé girama ni, láti ọmọ ọdún 13 sí 17. Mo fẹ́ mọ iye àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn léṣe, ohun tó ń lọ lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, àti ẹni tí wọ́n sọ fún, bí wọ́n bá sọ fún ẹnikẹ́ni. Ikú kọ́ ni gbogbo wọn ń wá. Àwọn kan ń ṣe é kí ìdààmú tó gba gbogbo àyà wọn lè rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àwọn kan sì wà tó fẹ́ kú ní tòótọ́. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ló yẹ kó gbà mí lóorun.

Kò gbà mí lóorun. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ti ṣe ìwádìí ibà láàárín àwọn ọmọ iléèwé, ìgbìmọ̀ kan náà sì ti fọwọ́ sí tirẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tiẹ̀ ti kọ lẹ́tà àwọn òbí ní Yorùbá, iṣẹ́ tí èmi ò fẹ́ràn láti ṣe rárá. Mo ní kó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n kàn wo bó ṣe tò ó. Ẹ mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń tẹ̀wé, èmi náà ò sì ní agbára àtifi sí i láàárín òru. Mo ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ibi tí `iba` bá wà, kó fi `iseralese` rọ́pò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó ní òun ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Mo lọ sùn.

Àkọsílẹ̀ ìlànà tí ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2007 lórí ẹ́tíìsì ìwádìí ìlera ní Nàìjíríà kò gbà kó jẹ́ pé àwa onímọ̀ nìkan la ó máa fọwọ́ sí ìwé ara wa. Ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ tó pè mí yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni alága, agbẹjọ́rò kan wà, àwọn dókítà wà, màmá kan sì wà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Màmá yìí jókòó sí ìkángun tábìlì, ó gbé ìwé mi síwájú, ó ti fi bíírò pupa sàmì sí i káàkiri bí ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò.

Alága ló kọ́kọ́ gbé lẹ́tà àwọn òbí. Ó kà á sókè, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Àdírẹ́sì ìlú wa ti di `Iseralesedan`. Ní ìlà kẹta, mo sọ fún àwọn òbí pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń fa `iseralesenuje` fún ẹbí, àti pé ó yẹ ká wá nǹkan ṣe sí i `niseraleseyii`. Agbẹjọ́rò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Alága ń bá a lọ. Mo sọ fún àwọn òbí pé ìṣeraléṣe wọ́pọ̀ lásìkò òjò, nígbà tí omi bá dárogún sí àyíká ilé. Mo ní kí wọ́n gé koríko ẹ̀yìnkùlé. Mo ní kí wọ́n rí i pé ọmọ wọn ń sùn lábẹ́ àwọ̀n lálaalẹ́, pé a ó sì fún gbogbo ọmọ tó bá kópa ní àwọ̀n kan lọ́fẹ̀ẹ́. Títí dé ibẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn máa ń rín tí aṣọ bá fàya lójú agbo.

Ó wá dé ìlà tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé a ó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní ìka ọmọ yín, pé yóò dùn ún díẹ̀, ṣùgbọ́n kò léwu.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Dókítà, àwọn ọmọ tó ń fi nǹkan gún ara wọn lẹ ní ẹ fẹ́ lọ bá. Ẹ sì wá kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ̀yin náà á gún wọn, pé kò léwu?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ma. Ibi tí mo ti wò ó ni.”

“Ẹ wò ó dáadáa.”

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ẹ̀sín lásán ni ì bá jẹ́. Ẹ̀sín kì í pa ọmọ. Ohun tó léwu wà nínú àwọn gbólóhùn tí kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́, àwọn tó ń dán gbinrin. Nínú lẹ́tà àwọn òbí, a kọ ọ́ pé bí a bá rí i lára ọmọ yín, a ó sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwádìí ibà, gbólóhùn oníyọ̀ọ́nú ni èyí: ọmọ ní ibà, ìyá rẹ̀ gbọ́, ó ra oògùn, ó tán. Nínú tèmi, ó túmọ̀ sí pé tí ọmọ kan bá fi ìgboyà sàmì sí “bẹ́ẹ̀ ni” lórí ohun tó ti fi apá aṣọ gígùn bò mọ́lẹ̀, ilé máa gbọ́ lọ́jọ́ náà, bóyá nínú ilé gan-an sì ni ohun tó ń lé e kiri wà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa fọwọ́ sí, mo ti kọ ọ́ pé ohunkóhun tí o bá sọ fún wa, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ní orí ìwé ìbéèrè, mo tún kọ ọ́ gàdàgbà pé: Má kọ orúkọ rẹ.

Alága ló ṣe àròpọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ti ṣèlérí fún òbí pé màá sọ, mo ti ṣèlérí fún ọmọ pé mi ò ní sọ, mo sì ti tò ó lọ́nà tí mi ò fi ní mọ ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn rárá. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tó da èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, pàápàá nígbà tí ẹni kẹta jẹ́ òun fúnra rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ní òun náà ní tòun. Ìwé ọ̀rẹ́ mi ní gbólóhùn kan pé a ó fi ohunkóhun tó bá lòdì sí òfin tó àwọn aláṣẹ létí. Mi ò mọ ohun tí èyí ń ṣe nínú ìwádìí ibà. Bóyá òun náà ti wo ti ẹlòmíì. Agbẹjọ́rò wá rán wa létí pé abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò níhìn-ín ṣì ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀, tí ẹ̀wọ̀n ọdún kan wà fún. Fífi ara ẹni ṣèṣe láìgbèrò ikú kò sí lára ohun tí abala náà sọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé? Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ìwé mi, ọmọ tó bá sọ fún mi pé òun gbìyànjú láti kú lọ́dún tó kọjá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹ̀sùn tí wọ́n lè fi kàn án, èmi ni mo sì máa bá a gbé e lọ.

Mo gbìyànjú láti fi ìmọ̀ gba ara mi sílẹ̀. Mo mọ ìwádìí kan tí Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Wọ́n lo akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní iléèwé girama mẹ́fà ní ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì. Wọ́n bi apá kan nínú wọn nípa èrò àtipa ara ẹni, wọn ò bi apá kejì. Nígbà tí wọ́n padà yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ìdààmú àwọn tí wọ́n bi kò ju ti àwọn tí wọn ò bi lọ. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, pé bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Ìgbìmọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Màmá náà gbà. Ó wá ní ìyẹn jẹ́ nípa bíbéèrè, pé ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni ohun tí màá ṣe sí ìdáhùn.

“Ọjọ́ wo lẹ ń lọ sí iléèwé?”

Mo ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, torí pé kò sí ẹ̀kọ́ tó le lásìkò yẹn, ọ̀gá iléèwé á sì tètè gbà.

“Ìgbà wo lẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ?”

Mo ní a ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, a ó tì í pa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bí a bá ti parí gbogbo iléèwé. Bóyá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tiẹ̀ tẹnu mọ́ kọ́kọ́rọ́ àpótí náà, torí mo rò pé ibi tí mo ti gba máàkì nìyẹn.

Ó ní, “Ọmọ kan kọ ọ́ fún yín lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì pé òun fẹ́ kú lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní ẹ ṣeun, ẹ tì í mọ́ inú àpótí. Kí lẹ wá fẹ́ kí ọmọ yẹn rò?”

Wọ́n ní kí n lọ tún un kọ.

Kí n tó tún un kọ, mo gbé ìwé ìfọwọ́sí ọmọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, kó bá mi kà á. Mo ti tún apá kan ṣe: mo ti yọ “kò sẹ́ni tó máa gbọ́”, mo sì ti fi sí i pé bí ìdáhùn rẹ bá fi hàn pé o ń pa ara rẹ lára, a ó sọ fún àwọn àgbà tó yẹ. Ó kà á tán, ó dá a padà fún mi. “Àǹtí, tí mo bá sàmì sí ‘bẹ́ẹ̀ ni’, ẹ máa sọ fún Mọ́mì?” Mo ní ó ṣeé ṣe. “Àwọn tó ń ṣe é máa sàmì sí ‘rárá’ nìyẹn. Ẹ ò ní rí ẹnì kankan.” Ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

Òtítọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé èèyàn ò lè ṣèlérí àṣírí tí kò lópin fún ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè ní gbogbo nǹkan lòun máa sọ. Ó gbọ́dọ̀ fa ìlà, ìlà náà gbọ́dọ̀ hàn sí ọmọ kó tó gbé bíírò, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kọ ọ́ tán. Ibi tí a wá fà á sí nìyí. Ọmọ tó ti ṣe ara rẹ̀ léṣe rí, tàbí tó ṣì ń ṣe é ṣùgbọ́n tí kò gbèrò ikú tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì léwu fún ẹ̀mí rẹ̀, a ò ní sọ ọ́ nílé láìgba àṣẹ rẹ̀. A ó fi ìrànlọ́wọ́ lọ̀ ọ́, òun ni yóò pinnu bó bá fẹ́. Ọmọ tó bá ní èrò àtikú lọ́kàn báyìí, tàbí tó ti pinnu bó ṣe fẹ́ ṣe é, tàbí tó ní ọgbẹ́ tí dókítà gbọ́dọ̀ rí, a ò ní dá àṣírí ìyẹn gbé. A ó sọ fún un pé a fẹ́ sọ, a ó bi í léèrè ẹni tó fẹ́ ká sọ fún, a ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ bó bá fẹ́. Bó bá ní ilé ni wàhálà ti ń wá, kì í ṣe ilé la máa kọ́kọ́ lọ. Ìwádìí wa kò ní gbé ìdáhùn ọmọ kankan lọ fún ọlọ́pàá. Mo kọ gbogbo èyí ní gbólóhùn kéékèèké. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ó dáa díẹ̀. Lẹ́nu ọmọ ọdún 15, oríyìn ńlá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọmọ kan, ká pè é ní nọ́ḿbà 47, ká wo bó ṣe máa rìn nínú ètò tuntun náà. Lẹ́tà dé ilé wọn bó ṣe dé ilé gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, èrò mi ni kí olùgbaninímọ̀ràn iléèwé fi orúkọ àwọn ọmọ tó ti mọ̀ ránṣẹ́, kí n fún àwọn yẹn nìkan ní lẹ́tà. Ìyẹn ni pé ọmọ ni ì bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àṣírí ara rẹ̀ lọ sílé nínú àpòòwé. Lẹ́tà tuntun sọ pé ìwádìí lórí ìlera àti ìdààmú ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ni, ó sì sọ ọ́ nínú rẹ̀ láìfi bò pé a ó béèrè nípa ṣíṣe ara ẹni léṣe. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Òun náà fọwọ́ sí tirẹ̀, torí pé bí bàbá bá ní bẹ́ẹ̀ ni tí ọmọ sì ní rárá, rárá lọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la lọ sí iléèwé wọn, láàárọ̀, ìsinmi kò sì sún mọ́. Nọ́ḿbà ló wà lórí ìwé rẹ̀, kò sí orúkọ. Ìwé tó so nọ́ḿbà mọ́ orúkọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, lọ́tọ̀ sí àwọn ìdáhùn. Ìbéèrè inú rẹ̀ kò dárúkọ ọ̀nà kankan tí èèyàn lè gbà pa ara rẹ̀ lára, torí pé kò yẹ kí ọmọ tó wọlé láìmọ̀ ọ́n jáde pẹ̀lú ìmọ̀ tuntun.

Níbí ni Màmá tún ti mú mi. Nínú ìwé àkọ́kọ́, mo ti kọ ọ́ pé bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ rárá, fò lọ sí ìbéèrè tó gbẹ̀yìn. Bí a ṣe ń kọ́ wa nìyẹn, kó má baà gba àsìkò. Màmá, tó ti jókòó ti àwọn ọmọ tó ń ṣèdánwò ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ní kí n ronú sí gbọ̀ngàn náà. Gbogbo àwọn tó ní rárá á ti parí, wọ́n á ti jókòó, wọ́n á máa wo ọ̀tún wo òsì. Àwọn tó ṣì ń kọ̀wé nìkan ló kù. Mi ò ní láti ṣí ìwé kankan kí gbogbo kíláàsì tó mọ ọmọ tó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí àṣírí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ti fáìlì pa sínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n mi ò rò ó rí pé bíírò tó ń rìn lórí ìwé lè sọ̀rọ̀. Báyìí, ẹni tó ní rárá ní ìbéèrè tirẹ̀ láti dáhùn, nípa oorun, nípa ọ̀rẹ́, nípa eré ìdárayá, tó gùn bákan náà.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ló ní ìbéèrè nípa ikú, ó sì ṣeé ya kúrò. A máa ń gba ìyẹn lọ́tọ̀, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa àìlera ọpọlọ sì máa ń ka gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó kúrò nínú ọgbà iléèwé. Nọ́ḿbà 47 sàmì sí i pé òun ń rò ó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ rí i pé a ò lè dìde ká pe òun nìkan. A pe ọmọ bíi mẹ́jọ, àwọn tí kò sàmì sí nǹkan kan pọ̀ nínú wọn, kí a bá ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ ní yàrá kan náà fún ìwọ̀n àsìkò kan náà. Èyí tó bá nílò wákàtí kan nínú wọn, a ó wá ọ̀nà mìíràn rí i kí ọjọ́ tó lọ. Ètò yìí ń ná owó, ó ń ná àsìkò, àwọn ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe sì ń ráhùn pé a gba àsìkò bọ́ọ̀lù wọn. Kò tún pé pérépéré: ọmọ tó bá parọ́ lójú ewé yẹn, a ò ní mọ̀.

Ó ku nọ́ḿbà fóònù. Gbogbo ọmọ máa gba káàdì kékeré kan tó ní nọ́ḿbà tí wọ́n lè pè lọ́sàn-án tàbí lóru. Mo fi nọ́ḿbà ara mi sí i, mo sì kọ “nígbàkigbà” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, fóònù dún. Mo wà nílé ìwẹ̀. Ọkọ mi gbé e, ó ní, “Ta nìyẹn? Ṣé ẹ mọ agogo tó lù?” Ohùn ọmọdé kọ́ ló dáhùn. Ó ní òun láti inú ìgbìmọ̀ ẹ́tíìsì ni, òun fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọ máa gbọ́. Ó kí ọkọ mi pé ó kú oorun, ó ní kó bá òun kí mi.

Bí a ṣe ra fóònù ọ̀tọ̀ nìyẹn, tí èmi, nọ́ọ̀sì àti dókítà ọpọlọ kan ń gbà á lọ́wọ́ ara wa lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí a sì ti kọ́ ara wa ní ohun tí a máa sọ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ìwé mi lẹ́yìn ìyẹn. Ìpè àkọ́kọ́ tó wọlé sórí rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá kan ní aago márùn-ún ìdájí. Ó ní ọ̀rẹ́ mi tó ṣe ìwádìí ibà fún ọmọ òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ní àwọ̀n, pé ìgbà wo ni ti àbúrò máa dé.